Kí Ọ̀rọ̀ Má Baà Rì Sínú Orin

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọdé, tí àpò oògùn tí ilé ìwòsàn máa ń fúnni láti pò mọ́ omi kò sì sí nítòsí, omi iyọ̀ àti ṣúgà tí ìyá pò nílé lè gba ẹ̀mí ọmọ náà là. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣòro láti fi sọ́kàn: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà, àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Ohun tí ó wà nínú ṣíbí náà kò gbọdọ̀ ga ju ẹnu ṣíbí lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn báyìí dára láti fi ṣe eré lórí rédíò, nítorí pé ìtàn máa ń pẹ́ lọ́kàn ènìyàn ju ìkìlọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Bí ìlù bá ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀, tí omi sì ń ṣàn sínú igbá ní àkókò kan náà tí òṣèré ń pe iye ṣíbí, “mẹ́fà” lè dà bí “mẹ́wàá” ní etí ẹni tí ó jókòó ti rédíò. “Ìdajì ṣíbí iyọ̀” lè di “ṣíbí iyọ̀” lásán, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ti rì. Iyọ̀ tí ó pọ̀ jù léwu fún ọmọ tí omi ara rẹ̀ ti ń tán lọ. Ẹni tí ó gbọ́ eré náà kò sì lè bi rédíò pé kí ó tún un sọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tí ń to ohùn eré kì í ṣe kí ó mú eré dùn nìkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ dé etí bí ó ti jáde lẹ́nu. Ohun tí ó sì ya àwọn tí ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lẹ́nu ni pé kì í ṣe nípa gbígbé ọ̀rọ̀ sókè ni ó fi ń hàn kedere. Nípa mímú kí àwọn ohùn yòókù yà fún un lọ́nà ni.

Ohùn mẹ́rin nínú eré kan

Oríṣi ohùn mẹ́rin ni ó máa ń wà nínú eré orí rédíò tàbí nínú fíìmù. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré. Èkejì ni ohùn àyíká, èyí tí ń sọ ibi tí wọ́n wà fún olùgbọ́: ariwo ọjà, igbe àkùkọ ní òwúrọ̀, ìrẹ̀ tí ń ké lóru. Ẹ̀kẹta ni ìró àfọwọ́ṣe, èyí tí oníṣẹ́ ohùn fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe: ìró ẹsẹ̀, ìró ilẹ̀kùn, ìró ṣíbí nínú ife. Ẹ̀kẹrin ni orin.

Wọn kì í gba àwọn ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà wọ́n, wọ́n á sì tò wọ́n sórí ara wọn lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kan fún ohùn kan. Audacity, tí ènìyàn lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tó fún iṣẹ́ yìí. Àǹfààní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni pé oníṣẹ́ ohùn lè rẹ orin sílẹ̀ láì fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wà lórí ìlà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ àti orin ti di omi àti wàrà tí wọ́n pò mọ́ra. Kò rọrùn mọ́ láti yà wọ́n.

Ohun tí ó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀

Kí ènìyàn fi ìka kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kí ó sì fa ìró “m” gùn: “mmm”. Yóò rí i pé ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ó wá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú “f”: “fff”. Ọ̀fun kò gbọ̀n rárá. Èémí lásán ni ó ń gba àárín eyín àti ètè kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni “s”, “ṣ” àti “h” rí. Àwọn ìró wọ̀nyí ni wọ́n ṣe aláìlágbára jù nínú ọ̀rọ̀ wa, àwọn ni ariwo sì máa ń kọ́kọ́ gbé mì.

Nínú “mẹ́fà”, ìró “f” ni ó sọ pé mẹ́fà ni. Bí ó bá sọnù, ohun tí ó kù ni “mẹ́” àti “à”, olùgbọ́ á sì fi ohun tí ó bá wá sí i lọ́kàn dí àlàfo náà. Òtítọ́ ni pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ran olùgbọ́ lọ́wọ́ ní èdè Yorùbá. “Mẹ́fà” parí ní ìsàlẹ̀, “mẹ́wàá” sì tún gbé ohùn sókè ní ìparí. Ṣùgbọ́n bí orin bá ń lọ sókè sódò lábẹ́ ọ̀rọ̀, ó lè da èyí náà rú.

Ohun tí ó jọ ara wọn ni ó máa ń bo ara wọn mọ́lẹ̀. Omi tí ń ṣàn, òjò lórí páànù àti epo tí ń dín àkàrà ń ṣe “ṣọ̀ọ̀”, ìró wọn sì jọ “f” àti “s”. Nítorí náà, omi díẹ̀ tí ń ṣàn lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ju ìlù ńlá tí ó dún rinlẹ̀ lọ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ń ṣe irú ìpalára kan náà, nítorí pé ohùn wọn tínrín, ó sì ń lọ sókè.

Ìlù dùndún ní ewu tirẹ̀, èyí tí àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí nínú ìwé àwọn aláwọ̀ funfun lè má rò. Dùndún ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèré, etí ọmọ Yorùbá yóò fẹ́ mọ ohun tí ìlù náà ń wí. Ènìyàn méjì ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà yẹn, ọ̀kan lẹ́nu, èkejì lára awọ. Bí wọ́n tilẹ̀ rẹ dùndún náà sílẹ̀ gan-an, yóò ṣì máa fa etí. Bákan náà ni orin tí ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ sí. Ibi tí dùndún àti orin olọ́rọ̀ yẹ ni ìbẹ̀rẹ̀ eré, òpin rẹ̀, àti àárín ìran kan sí òmíràn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń sọ̀rọ̀. Lábẹ́ ọ̀rọ̀, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, tí ó rọra ń lọ, tí kò sì yí padà lójijì, ni ó dára.

Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà

Bí ọ̀rọ̀ kò bá mọ́ nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀, kò sí ohun tí oníṣẹ́ ohùn lè ṣe lẹ́yìn náà tí yóò sọ ọ́ di mímọ́ pátápátá. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá.

Yàrá tí ògiri rẹ̀ ṣófo máa ń dá ohùn padà, ọ̀rọ̀ á sì dà bí ẹni pé ó ti inú kànga wá. Aṣọ tí ó nípọn tí wọ́n fi kọ́ ògiri, ẹní nílẹ̀, àti ìbùsùn tí wọ́n gbé nàró sẹ́yìn òṣèré yóò mu ohùn náà, kò sì ní padà mọ́. Wọ́n á pa abẹ̀bẹ̀ oníná àti ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, nítorí pé ìkùn wọn yóò wọ inú ohùn tí wọ́n ń gbà.

Gbohùngbohùn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní míkirò, yẹ kí ó jìnnà sí ẹnu òṣèré ní nǹkan bí ìbú ìka ọwọ́ tí wọ́n nà, láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka tí ó kéré jù. Bí ó bá jìnnà jù, yàrá ni yóò gbà ju ẹnu lọ. Bí ó bá sún mọ́ ẹnu jù, “p”, “gb” àti “b” yóò máa bú jáde bí afẹ́fẹ́ tí ó gbá ilẹ̀kùn. Èdè Yorùbá sì kún fún àwọn ìró wọ̀nyí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹra fún un ni pé wọ́n á yí gbohùngbohùn náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí èémí òṣèré lè gba iwájú rẹ̀ kọjá dípò kí ó lù ú.

Kí wọ́n tó tú ká, wọ́n á ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yàrá kan kò jọ ti òmíràn. Nígbà tí wọ́n bá gé ikọ́ tàbí àṣìpè kúrò nínú ọ̀rọ̀, ihò yóò ṣẹ́ kù níbẹ̀, etí yóò sì mọ̀ pé nǹkan gé. Ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n gbà ni wọn yóò fi dí ihò náà, bí ẹni tí ó fi aṣọ kan náà lẹ aṣọ.

Ìró àfọwọ́ṣe

Ní Amẹ́ríkà, orúkọ ọkùnrin kan ni wọ́n fi ń pe ìró àfọwọ́ṣe. Jáàkì Fólè ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1891, ó sì kú ní ọdún 1967. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ fíìmù Yunifásà nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Nígbà tí wọ́n ń fi ohùn sí fíìmù kan tí ó jáde ní ọdún 1929, tí ó dá lórí ọkọ̀ ojú omi tí àwọn eléré ń gbé, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró níwájú àwòrán náà. Bí àwòrán ti ń lọ ni wọ́n ń ṣe ìró tí ó bá a mu. Ọ̀nà náà ni àwọn oníṣẹ́ ohùn ṣì ń tọ̀ títí di òní: wọn á wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀, wọn á sì fi ara wọn ṣe ìró rẹ̀.

Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ni ni pé nǹkan gan-an kì í sábà dún bí ara rẹ̀ níwájú gbohùngbohùn. Òjò tí wọ́n gbà sílẹ̀ lè dà bí epo tí ń dín nǹkan. Iná tí ń jó igi kì í fi bẹ́ẹ̀ ta páú-páú tó láti dé etí, ṣùgbọ́n ọ̀rá bisikíìtì tí wọ́n rọra ń rún ní ọwọ́ á dún bí iná gan-an. Ìlàjì èèpo àgbọn méjì tí wọ́n ń lù mọ́lẹ̀ á di ẹsẹ̀ ẹṣin. Bí òṣèré bá ń rìn lórí yanrìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dún tó. Wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ sínú páálí, wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́. Ìresì gbígbẹ tí wọ́n ń dà díẹ̀díẹ̀ sórí àwo á di òjò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni ìró àfọwọ́ṣe ní nípa ọ̀rọ̀: àlàfo ni ààyè rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ó máa ń mí, ó máa ń dúró de èsì. Inú àwọn àlàfo wọ̀nyí ni ìró ṣíbí, ìró ife àti ìró ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ìró tí ó bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá bọ́ sínú àlàfo kò gba nǹkan kan. Ó tilẹ̀ ń mú kí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ òtítọ́ lójú olùgbọ́.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń tò ó

Lójú kọ̀ǹpútà, òṣùwọ̀n kan wà tí ó ń fi hàn bí ohùn ti ga tó. Iye rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ní dB, tí wọ́n ń pè ní dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì. Òkè pátápátá òṣùwọ̀n náà ni 0. Òkè yìí dà bí àjà ilé: ohùn tí ó bá forí sọ ọ́ yóò fọ́, yóò sì máa ha. Gbogbo ohùn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ìdí sì nìyí tí àmì ìyọkúrò fi máa ń wà níwájú iye wọn. Ohùn tí ó wà ní -12 dB ga ju èyí tí ó wà ní -32 dB lọ.

Àjà ilé yìí ni ó jẹ́ kí gbígbé ọ̀rọ̀ sókè jẹ́ ọ̀nà tí kì í lọ jìnnà. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ sókè nítorí orin yóò tètè kan àjà. Ẹni tí ó rẹ orin sílẹ̀ ní ààyè púpọ̀ nísàlẹ̀.

Báwo ni orin ṣe gbọ́dọ̀ relẹ̀ tó? Nínú ìlànà kan tí wọ́n gbé jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2008, kí àwọn tí etí wọn wúwo lè jẹ àǹfààní ohun tí ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìpele tí ó le jù sọ pé ohùn abẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 20 dB relẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ìró tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ní etí ènìyàn, ohùn tí ó fi 20 dB relẹ̀ máa ń dà bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohùn kejì. Oníṣẹ́ tuntun máa ń rò pé èyí ti pọ̀ jù, pé orin kò ní hàn mọ́. Ṣùgbọ́n orin náà á ṣì hàn. Ohun tí ó ti yí padà ni pé kò bá ọ̀rọ̀ du ipò mọ́.

Ìran kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ kí eré kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Òru ni, ní àgbàlá ilé kan ní ìgbèríko Kétu. Ìgbẹ́ gbuuru ń yọ ọmọ lẹ́nu, ilé ìwòsàn sì jìnnà títí di òwúrọ̀. Ìyàwó ilé àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń pò omi fún ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò pọ̀:

“Ìyá, mo ti bu omi náà. Ṣíbí ṣúgà mélòó ni kí n fi sí i?”

“Mẹ́fà ni, ìyàwó mi. Má jẹ́ kí ṣíbí náà kún jù.”

“Iyọ̀ ńkọ́, Ìyá?”

“Ìdajì ṣíbí péré ni. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Bí oníṣẹ́ ohùn kò bá kíyè sára, ọ̀nà tí yóò gbà to ìran yìí kò ṣòro láti mọ̀. Dùndún ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ó máa dún lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀, bóyá ní -18 dB, nígbà tí ọ̀rọ̀ wà ní -12 dB. Ìyàtọ̀ wọn kò ju 6 dB lọ. Yóò fi ìrẹ̀ sí i, nítorí pé òru ni. Yóò sì jẹ́ kí omi máa ṣàn sínú igbá bí ìyàwó ti ń béèrè tí ìyá sì ń dáhùn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nílé. Gbogbo ohùn náà ni ó dára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá bá sọ pé “mẹ́fà”, omi ti gbé “f” mì, ìrẹ̀ ń ké lórí rẹ̀, dùndún sì ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ẹ wo bí ìran kan náà ṣe lè lọ. Dùndún bẹ̀rẹ̀ nìkan, ní -14 dB, fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ó ti pe olùgbọ́ wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ó rọra relẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta títí ó fi tán pátápátá. Bí ó ti ń tán lọ ni ìrẹ̀ ń wọlé, ní -24 dB. Fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìrẹ̀ nìkan ni olùgbọ́ ń gbọ́, ó sì ti mọ̀ pé òru ni. Ọmọ sunkún lẹ́ẹ̀kan, sunkún aláìlágbára. Nígbà náà ni ìrẹ̀ rẹlẹ̀ sí -36 dB, ó sì dúró síbẹ̀. Etí ti mọ̀ pé ó wà. Kò nílò kí ó máa pariwo.

Omi ṣàn sínú igbá fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ní -18 dB. Ó dá. Lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni ìyàwó tó sọ̀rọ̀: “Ìyá, mo ti bu omi náà.” Ìró omi ti jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú kí ó tó sọ ọ́. Ó béèrè iye ṣúgà. Àlàfo kékeré kan wà. Ìyá dáhùn: “Mẹ́fà ni, ìyàwó mi.” Lábẹ́ “mẹ́fà”, kò sí omi, kò sí ìlù. Ìrẹ̀ nìkan ni ó wà lókèèrè.

Lẹ́yìn èyí, ìró àfọwọ́ṣe lè ràn ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kà: “Ení.” Ṣíbí ha inú agolo ṣúgà, ó sì kan ẹnu igbá. “Èjì.” Ṣíbí tún dún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ó fi dé “ẹ̀fà”. Ohùn àti ṣíbí kò dún pọ̀ rí. Wọ́n ń gba ẹnu ara wọn bí agberin àti elégbè. Olùgbọ́ tí kò tilẹ̀ gbọ́ “mẹ́fà” dáadáa nítorí pé alùpùpù kan kọjá níta ti lè ka ṣíbí mẹ́fà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó kan iyọ̀, ṣíbí dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìró kúkúrú. Ìyá sọ pé “ìdajì ṣíbí péré ni,” ó sì dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ èyí tí ó kù.

Orin kò padà títí tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi náà. Bí ìyá bá fẹ́ gbàdúrà fún un nígbà yẹn, orin náà wà lábẹ́ rẹ̀ ní -32 dB, 20 dB nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe dùndún. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ìyá tó la ẹnu, kì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá parí, ó gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀.

Àwọn iye wọ̀nyí jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í ṣe òfin. Òṣèré tí ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lè nílò kí orin tún relẹ̀ sí i. Ohun tí kì í yí padà ni pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sí ipò rẹ̀, wọn á wá mú àwọn yòókù wọlé láti ìsàlẹ̀ wá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti dára

Ẹ̀rọ lè máa rẹ orin sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọlé. Ó wà nínú Audacity, `Auto Duck` ni orúkọ rẹ̀. Ó ń gbé àkókò pamọ́, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Bí òṣèré bá dúró láti mí, orin lè ga sókè, kí ó sì tún ṣubú nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ lọ. Orin náà á dà bí ẹni tí ń mí gúlegúle lẹ́yìn òṣèré. Àmì pé iṣẹ́ kò pé nìyẹn. Ó sàn kí orin dúró nísàlẹ̀ títí ìjíròrò yóò fi parí.

Ìdánwò kejì ni ti ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Ohùn tí ó mọ́ nínú agbéhùnsétí lè má mọ́ nínú rédíò kékeré. Nínú agbéhùnsétí, orin lè wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì, kí ọ̀rọ̀ sì wà láàárín, etí á sì yà wọ́n láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ni rédíò kékeré ní. Gbogbo ohùn yóò gba ibẹ̀ jáde, orin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò sì wá jókòó lórí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, oníṣẹ́ ohùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi eré náà sínú tẹlifóònù, á sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Á gbé e jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń gúnyán tàbí tí alùpùpù ti ń kọjá. Ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ṣe eré náà fún yóò ti gbọ́ ọ.

Ìdánwò kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù, kò sì gba ẹ̀rọ kankan. Ẹni tí ó to ohùn eré kò lè dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti há a sórí. Bí “mẹ́fà” bá tilẹ̀ sọnù pátápátá, ọkàn rẹ̀ yóò fi í síbẹ̀, yóò sì búra pé òun gbọ́ ọ. Etí tí ó yẹ fún ìdánwò ni etí ẹni tí kò rí ìwé eré náà rí: ìyá tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu ọ̀nà, tàbí bàbá àgbà tí etí rẹ̀ ti ń wúwo. Wọ́n á jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí rédíò ti ń sọ ọ́. Wọn kò ní bi í bóyá eré náà dùn, nítorí pé yóò sọ pé ó dùn. Wọ́n á bi í pé ṣíbí ṣúgà mélòó ni, iyọ̀ ńkọ́, omi mélòó ni.

Bí ó bá dá iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà láìṣì kankan, eré náà lè lọ sórí afẹ́fẹ́. Bí ó bá ṣi ọ̀kan, oníṣẹ́ ohùn á padà sí ìlà rẹ̀ láti wo ohun tí ó ń dún lórí ọ̀rọ̀ yẹn, á sì mú un kúrò níbẹ̀.